Kòkòrò ìtọ̀ tó ń padà wá: lábù ní oògùn yìí ń pa á, àmọ́ kò lọ

Ọmọ Ajílété
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo wà, mo ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ara mi gbóná fẹ́lífẹ́lí, mò ń gbọ̀n, ìtọ̀ ń ta mí bí ata, ìrora sì mú mi láti abẹ́ títí dé ìbàdí. Mo ṣáà rò pé ibà ni, mo lo oògùn ibà. Nígbà tí ìtọ̀ wá ń kán tótó ni ìyàwó mi fipá mú mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní pírósítéètì ló wú, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ séfítíráksóònù, wọ́n sì fún mi ní Sípírò ọ̀sẹ̀ kan lọ sílé. Ara yá.

Kò pé oṣù kan tó fi padà, àmọ́ kò sí ibà lọ́tẹ̀ yìí, ìtọ̀ títa àti ìrora abẹ́ nìkan ni. Wọ́n fún mi ní Ògmẹ́ntìn ní kẹ́místì, ó rọlẹ̀, ó tún padà. Mo lọ ṣe kọ́ṣọ̀, wọ́n fi ìtọ̀ mi hu kòkòrò ní lábù. Í-kólì ló hù. Wọ́n kọ S, pé oògùn ń pa á, síwájú nítírófúrántóìn, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìtọ̀ mi mọ́ lóló. Kí n tó mọ̀, ó ti tún dé.

Kọ́ṣọ̀ kejì ti jáde: í-kólì yẹn náà ni. Nítírófúrántóìn S, jẹ́ntà S, Ògmẹ́ntìn S, Sẹ́ptírìn S. Sípírò àti lẹfofilọ́sásìn ni R, wọn kì í pa á. Ìbéèrè mi ni pé, bí nítírófúrántóìn bá ń pa á lóòótọ́, kí ló dé tí kì í kú tán? Ṣé kí n lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì ni? Mò ń lo lisinopírìlì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bóyá ẹ nílò láti mọ̀.

Bàbá Ìjẹ̀rú
Àbúrò, oníhóró lo ń gbé mì, ìdí nìyẹn. Jẹ́ntà lo máa gún. Abẹ́rẹ́ ló ń dé ibi tí oníhóró ò lè dé. Irú ẹ̀ ṣe mí lọ́jọ́sí, ibà òun ìtọ̀ títa, wọ́n gún mi ní jẹ́ntà fún ọjọ́ mélòó kan, kò padà wá mọ́ títí dòní. Wọ́n sì ti bá ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé S. Kí lo tún ń wá?

Àdùnní Apákẹ
Ẹ jọ̀ọ́, bàbá tiwa náà ní pírósítéètì. Wọ́n ń jí tọ̀ lóru ní ìgbà mẹ́rin márùn-ún. Ṣé Sẹ́ptírìn yìí lè mú un kéré kí wọ́n má baà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn?

Ìyá Fámásì Sábó
Àdùnní, ti bàbá yín yàtọ̀. Tiwọn jọ pírósítéètì tó ń tóbi nítorí ọjọ́ orí, kì í ṣe kòkòrò. Apakòkòrò ò ní sọ ọ́ di kékeré. Ẹ mú wọn lọ rí dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tiyín lọ́tọ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ra wọn.

Ọmọ Ajílété, ìbéèrè yín dára gan-an, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣubú sí. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

S tí lábù kọ yẹn, inú àwo ni wọ́n ti rí i. Wọ́n da kòkòrò sójú àwo, wọ́n gbé oògùn sí i, kòkòrò ò lè hù ní àyíká oògùn. Ohun tí ìwé yẹn lè sọ fún yín ni pé tí oògùn bá bá kòkòrò pàdé, oògùn á borí. Kò sọ bóyá wọ́n máa pàdé. Bẹ́ẹ̀ kòkòrò tiyín ò sí nínú ìtọ̀ nìkan mọ́, ó ti kólé sínú ẹran pírósítéètì.

Nítírófúrántóìn, bí ẹ bá ti gbé e mì, kíndìnrín á fà á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wẹ́rẹ́, á dà á sínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára fún obìnrin tí kòkòrò wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń kù nínú ẹ̀jẹ̀ ò tó nǹkan, inú ẹ̀jẹ̀ sì ni pírósítéètì ti ń gba oògùn. Ó dà bí ọlọ́pàá tó tò sójú títì Tákíè, tí olè sì wà nínú ìyẹ̀wù. Bí olè bá yọjú sóde wọ́n á mú un, ìtọ̀ á mọ́. Bí ọlọ́pàá bá ti lọlé, ìyókù olè á jáde. Ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó, ẹ lè fi mẹ́fà, ibì kan náà la máa padà sí.

Ti Ògmẹ́ntìn yàtọ̀ díẹ̀. Òun wà nínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n awọ tó bo inú pírósítéètì lẹ̀ mọ́ra pinpin, kò ní àlàfo tí oògùn lè gbà yọ́ wọlé. Oògùn tó bá máa kọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè yòrò nínú ọ̀rá. Ìdílé pẹnisílínì, Ògmẹ́ntìn wà níbẹ̀, kì í yòrò nínú ọ̀rá tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló ń wọlé.

Ẹ máa ní kí ló wá dé tí séfítíráksóònù, tó súnmọ́ pẹnisílínì, fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ yẹn, pírósítéètì gbóná, ó wú, ẹ̀jẹ̀ ń ya wọ ibẹ̀, awọ tó lẹ̀ mọ́ra yẹn ti dẹ̀. Nígbà tí iná ń jó lọ́wọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo oògùn ló ń rọ́nà wọlé. Bí ara bá ti tutù, ilẹ̀kùn á tún tì. Bàbá Ìjẹ̀rú, ẹ má bínú sà, ibẹ̀ náà ni tiyín bọ́ sí. Nígbà tí ara yín gbóná ni jẹ́ntà bá a. Ti àbúrò yìí ti di ti inú tútù, jẹ́ntà kì í sì í yòrò nínú ọ̀rá. Abẹ́rẹ́ tí ẹ gún àti oníhóró tí ẹ gbé mì, inú ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà dé pírósítéètì. Ti pé ó ń ba kíndìnrín àti etí jẹ́ bí ó bá pẹ́ ò tiẹ̀ tíì wọ ọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń wọ pírósítéètì dáadáa ò pọ̀. Ìdílé Sípírò ni olórí wọn, lẹ́yìn náà Sẹ́ptírìn, lẹ́yìn náà dọksisaikílìn bó bá jẹ́ irú kòkòrò tó ń bá a mu. Nínú èyí tí wọ́n kọ S sí fún yín, Sẹ́ptírìn nìkan ni mo rí. Ẹ má tíì rà á o. Lisinopírìlì yẹn ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ tún sọ fún mi: ṣé Fánsídà, oògùn ibà tó ní súlúfà nínú bíi Sẹ́ptírìn, ti ṣe ara yín rí? Kí ara wú, kí ètè bó, kí ara máa yọ?

Awakọ̀ Ọ̀yọ́ Aláàfin
Èmi ń wa Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lójoojúmọ́. Ìrora abẹ́ yìí mọ̀ mí lójú. Ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n ní stáfù ni, mo ra Sípírò, mo ra dọksi, mo ra abẹ́rẹ́ tí iye rẹ̀ tó owó táyà. Mo mu àgbo. Gbogbo rẹ̀ á rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, á tún dé. Tí Ìyá Fámásì bá ní Sípírò ń wọlé, kí ló dé tí ti èmi ò lọ?

Lábù Masífà
Awakọ̀, kí a tó dá Sípírò lẹ́jọ́: kí ni kọ́ṣọ̀ yín sọ? Kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ «stáfù ++» sí tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ kejì. Èyí tí wọ́n ti ka iye kòkòrò ni mò ń bi yín.

Stáfù tí wọ́n ń pariwo yìí, orí awọ ara gbogbo wa ló ń gbé. Bí ọkùnrin bá tọ̀ sínú ike láì nu orí okó, láì jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ ṣàn dànù, stáfù á hù, á pọ̀. Kì í ṣe òun ló ń dùn yín.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú pírósítéètì ni kòkòrò wà lóòótọ́, ike méjì la ń lò. Ẹ ó kọ́kọ́ tọ̀ sínú ọ̀kan, ìtọ̀ àárín. Dókítà á wá fi ìka gba ihò ìdí tẹ pírósítéètì, omi inú rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì tọ̀ díẹ̀ sínú ike kejì. Bí ti kejì bá ní kòkòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, a ti mú un nílé nìyẹn. Bí méjèèjì bá mọ́, kòkòrò kọ́. Ẹ jọ̀wọ́ o, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, torí kòkòrò lè tú jáde wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Ajílété, ti pé í-kólì kan náà ló hù lẹ́ẹ̀méjì, tí S àti R wọn sì bára mu délẹ̀, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé tuntun lẹ ń kó ni, ó yẹ kí ìwé kejì yàtọ̀.

Bàbá Ìjẹ̀rú
Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé. Mo ti gbọ́. Àmọ́ Sẹ́ptírìn? Sẹ́ptírìn tí wọ́n ń fún ọmọdé nígbà tí mo wà ní Mọ́dà? Oògùn náírà mélòó kan? Ohun tí Sípírò ò rí ṣe ni Sẹ́ptírìn máa ṣe?

Dókítà Ìgbèríko
Bàbá, owó kọ́ ló ń wọ pírósítéètì, sà. Sípírò wọlé, ó bá kòkòrò pàdé, kòkòrò yìí ò ka Sípírò sí. A ti lo Sípírò fún gbogbo ìgbẹ́ gbuuru àti gbogbo «táífọ́ọ̀dù» nílẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ í-kólì ti mọ̀ ọ́n lójú. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbọ́dọ̀ pé: kí oògùn dé ibẹ̀, kí kòkòrò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nítírófúrántóìn ní ìkejì, kò ní àkọ́kọ́. Sípírò ní àkọ́kọ́, kò ní ìkejì. Sẹ́ptírìn ló ní méjèèjì fún ọkùnrin yìí.

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti Ìyá Fámásì. Oògùn méjì ló wà nínú Sẹ́ptírìn, tiraimẹ́tópírímù àti súlúfà. Tiraimẹ́tópírímù ló ń yòrò nínú ọ̀rá, òun ló ń ṣe iṣẹ́ inú pírósítéètì, súlúfà ò wọlé tó o. Omi pírósítéètì tí ara rẹ̀ dá máa ń kan díẹ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ, kíkan yẹn ló sì máa ń há tiraimẹ́tópírímù mọ́lé, tí yóò fi pọ̀ níbẹ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Inú ajá tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Nínú ọkùnrin tó ti ń ṣàìsàn yìí pẹ́, omi náà kì í kan mọ́, oògùn tó ń há níbẹ̀ á dínkù. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdí kan nìyẹn tí a fi ń lò ó pẹ́.

Ìdí kejì ni pé àwọn ihò tín-ín-rín inú pírósítéètì máa ń dí, nígbà mìíràn òkúta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú wọn. Kòkòrò á sá sábẹ́ ohun yíyọ̀ kan tó dà bo ara rẹ̀, kò ní máa bí sí i tó bẹ́ẹ̀, oògùn sì rọrùn láti pa èyí tó ń bí sí i. Ìdí nìyẹn tí ara fi lè yá ní ọjọ́ karùn-ún, tí kòkòrò ò sì tíì kú.

Iye ọjọ́ rèé. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibà, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Sípírò ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ lò lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ti kéré jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé níbẹ̀ ni kòkòrò ti rí ààyè fìdí múlẹ̀. Èyí tó ti pẹ́, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 bó bá jẹ́ ìdílé Sípírò. Bó bá jẹ́ Sẹ́ptírìn, ọ̀pọ̀ wa ń lọ tó oṣù 3.

Ìyá Fámásì Sábó
Dókítà, mo gbà yín gbọ́ lórí omi tí kì í kan mọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n oṣù 3 fún gbogbo ènìyàn ni mi ò gbà. Mo ti rí àwọn tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà Sẹ́ptírìn tó fún. Bó bá dé ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ara ti balẹ̀ tí ìtọ̀ sì mọ́, kí ló dé tí a ò ní dúró ká wò ó? Ẹ̀jẹ̀ lè dínkù, ara lè máa yọ, ẹni tó wà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì tún ní tirẹ̀.

Dókítà Ìgbèríko
Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta lẹ ń wò yìí, mà. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ ni, màá bá yín dúró ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi á bẹ̀rẹ̀ ní mẹ́fà, màá ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárín, kí n tó pinnu bóyá kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ lisinopírìlì: ẹ má fojú kékeré wò ó. Lisinopírìlì máa ń jẹ́ kí pòtásíọ̀mù jókòó sára, tiraimẹ́tópírímù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, pòtásíọ̀mù lè ga débi tí ọkàn á fi dúró. Kì í fọn fèrè kó tó ṣe é. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín àti pòtásíọ̀mù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Dókítà yín lè fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, bí àmílódípìnì, rọ́pò lisinopírìlì fún àkókò yìí. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró.

Awakọ̀, tiyín jọ èyí tí kò ní kòkòrò nínú. Òun ló pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìrora pírósítéètì. Iṣan abẹ́ ló ń le koko, ìjókòó pípẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ sì máa ń dá kún un. Sípírò máa ń mú ìrora rọlẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí pípa kòkòrò, ìdí nìyẹn tó fi ń dà bí ẹni pé ó ń ràn yín lọ́wọ́.

Awakọ̀ Ọ̀yọ́ Aláàfin
Hẹ̀n ẹ́n. Mo rí dókítà kan tó fún mi ní oògùn tó ń tú ọ̀nà ìtọ̀, tamusulósìn, ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, mo pa á tì. Ṣé kí n padà sí i? Mo fẹ́ sọ ọ̀kan sí i: nígbà tí mo ń lo Sípírò yẹn, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi ń ro mí débi pé mi ò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ọkọ̀ ló fà á.

Ìyá Fámásì Sábó
Ọkọ̀ kọ́! Sípírò ni. Ó lè já iṣan gìgísẹ̀, pàápàá lára ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tàbí ẹni tó ń lo pírédínísólóònù. Bí irú ìrora yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fún yín mọ́. Bí ẹ bá sì ń fi mílíìkì tàbí oògùn inú kíkan gbé Sípírò mì, ìdajì rẹ̀ ni ẹ ń dà sílẹ̀. Wákàtí 2 ṣáájú wọn tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn ni kí ẹ lò ó. Nípa tamusulósìn, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn.

Àdùnní Apákẹ
Mo ti gbọ́, mà, màá ṣí tèmi. Ọ̀kan ṣoṣo péré: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pírósítéètì bàbá wa, pí-ẹ́ẹ̀sì-éè, ga, wọ́n ti ń fọkàn sí jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ wọn ní kòkòrò lásìkò yẹn.

Lábù Masífà
Kòkòrò inú pírósítéètì máa ń gbé e ga gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú kòkòrò tán, kí ó tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un ṣe. Àmọ́ ẹ rí i pé ẹ tún un ṣe o. Bó bá ṣì ga, dókítà ọ̀nà ìtọ̀.

Ọmọ Ajílété
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Mo ti rí dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Ó tẹ pírósítéètì, a lo ike méjì, í-kólì pọ̀ nínú èkejì. Fánsídà ò ṣe mí rí. Pòtásíọ̀mù dára, kíndìnrín dára. Ó ti yí lisinopírìlì sí àmílódípìnì. Sẹ́ptírìn ló kọ: 960 mílígíráàmù láàárọ̀, 960 lálẹ́. Oníhóró 480 ni mo rí rà, nítorí náà méjì-méjì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí a tó tún ríra. Nígbà tí mo bi í nípa oṣù mẹ́ta, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kọ́kọ́ lo mẹ́fà ná.

Ìtọ̀ ò ta mí mọ́. Ìyàwó mi ní kí n tọ́jú ìyókù oògùn pamọ́ de ọjọ́ mìíràn. Mo ní rárá. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé, bí ó bá padà lẹ́yìn gbogbo èyí ńkọ́?

Dókítà Ìgbèríko
Wọ́n á ṣe síkáànù pírósítéètì, láti wò bóyá òkúta wà níbẹ̀ tàbí ọyún gba ibì kan. Ọyún ò gbọ́ oògùn, fífà ni wọ́n ń fà á. Oògùn kan tún wà tó ń jẹ́ fọsifomáísìn, ó ń wọ pírósítéètì dé àyè kan, òun náà ni mo máa ń rò bí Sípírò àti Sẹ́ptírìn bá kùnà. Kò pọ̀ lórí igbá.

Ìyá Fámásì Sábó
Èmi kì í sábà rí i rà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bá mi wá a, owó rẹ̀ sì wúwo. Ẹ máa mu omi dáadáa pẹ̀lú Sẹ́ptírìn yẹn, aránṣọ. Bí ara bá yọ, kódà kó jẹ́ kékeré, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ fi han dókítà, pàápàá bí ẹnu tàbí ojú bá ń ta yín.

Bàbá Ìjẹ̀rú
Mo ṣì sọ pé jẹ́ntà ló wò mí.

Lábù Masífà
Ó wò yín lóòótọ́, sà, kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ọmọ Ajílété, ẹ má gbé ìtọ̀ wá fún kọ́ṣọ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń lo oògùn, oògùn inú ìtọ̀ ò ní jẹ́ kí kòkòrò hù, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Ẹ lo oògùn tán, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ wá, ike méjì náà ni. Ìwé tuntun yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ká lè mọ̀ bóyá í-kólì àtijọ́ ni.